Lítà omi 25 tàbí 35 sí àpò sìmẹ́ǹtì kan?

Bíríkìlà l'Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ á ní kí wọ́n bu omi sí kọnkéré sí i kó lè ṣàn. Sí àpò kílò 50, lítà 25 máa ń ki. Iṣẹ́ ni láti gún un wọ àárín irin, tí wọn ò bá sì gún un dáadáa, ihò á kù níbẹ̀. Lítà 35 rọrùn láti dà, àmọ́ sìmẹ́ǹtì ò lè lo gbogbo rẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù á gbẹ, àyè rẹ̀ á di ihò wínníwínní, agbára kọnkéré sì lè dín tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ ó rí omi tó léfòó. Tó bá gbẹ tán, ojú ibẹ̀ á máa yọ ẹ̀tù funfun.

Fún pílà àti dẹ́kìnnì, 25 ni tèmi, kó tiẹ̀ dín bí yanrìn bá tutù. Níbi tí irin ti há, ẹ lè fi omi kún un, ṣùgbọ́n kí kílò sìmẹ́ǹtì méjì bá lítà kọ̀ọ̀kan tí ẹ fi kún un rìn. Kọnkéré tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n kàn fi tẹ́ ìsàlẹ̀ fáńdéṣọ̀n lè gba 35.