Abẹ́rẹ́ ni àbí oníhóró, lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ oríkèé ìbàdí?

Kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sí màmá wa lẹ́sẹ̀, ọjọ́ 35 ló máa lo oògùn nílé ní Ìkòròdú. Ti orúnkún sábà máa ń tó ọjọ́ 14. Abẹ́rẹ́ ẹnọsapárìn, 40 mìlígíráàmù lójúmọ́, abẹ́ awọ ikùn ni wọ́n ń gún un sí. Ojú ibẹ̀ a máa dúdú, ó sì ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n gún. Rifarọsabánì oníhóró, 10 mìlígíráàmù, gbígbé mì lásán ni. Wákàtí 6 sí 10 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá. Ṣùgbọ́n rifampisíìnì, oògùn ikọ́ ife, ń gba agbára rẹ̀.

Ẹni tó ń lo ìyẹn, abẹ́rẹ́ ló yẹ ẹ́. Ẹni tí kò rí ẹni gún un, oníhóró. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tíì dá, ẹ̀rọ tó ń fún ẹsẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi sí i.