Ìnṣọ́ránsì ti káńtà àbí ti ìta? Fún ẹni tó fẹ́ háyà mọ́tò n'Ílùú Ọba

Bọ̀dá kan n'Ìkẹ́rẹ́ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ ẹ̀ obìnrin fẹ́ gboyè ní Máńṣẹ́sítà, wọ́n fẹ́ lọ bá a ṣe é, ó wá fẹ́ háyà mọ́tò fún ọjọ́ méje kóun àti ìyàwó ẹ̀ má baà máa wá ẹni tó máa gbé wọn kiri. Ó ní òun rí iye méjì lórí fóònù, ọ̀kan £210, èkejì £364, mọ́tò kan náà, ọjọ́ kan náà, kí ló wá dé? Mo ní bọ̀dá, mọ́tò kọ́ lẹ fi ń wéra yẹn o, ìnṣọ́ránsì ni.

Ẹ jẹ́ n là á bí mo ṣe là á fún un. Mọ́tò tẹ́ ẹ bá háyà níbẹ̀ ti ní ìnṣọ́ránsì tiẹ̀ tẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbá mọ́tò ẹlòmíì, ìnṣọ́ránsì máa dá a lóhùn, tí tiyín náà bá bàjẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní CDW máa gbà á, àmọ́ iye kan wà tẹ́yin fúnra yín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ọrùn rù. Ẹ máa rí i lórí síkíríìnì, excess ni wọ́n ń kọ. Ti bọ̀dá yìí jẹ́ £1,200. Ìyẹn ni pé tí ohun tó bàjẹ́ bá jẹ́ £300, òun ló máa san gbogbo ẹ̀, tó bá jẹ́ £5,000, £1,200 ló máa san, wọ́n á san tókù. £364 tó rí yẹn ti ní £22 lójúmọ́ nínú, ìyẹn £154 fún ọjọ́ méje, owó tó ń jẹ́ kí £1,200 yẹn di òdo nìyẹn. Òun ni mò ń pè ní ti káńtà, torí ilé iṣẹ́ tó ni mọ́tò gan-an ló ń tà á.

Ti ìta wá wà, ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì mìíràn ló ń tà á, ẹ lè rà á látilé kẹ́ ẹ tó gbéra, ó lè má ju £4 lọ lójúmọ́, £28 péré fún ọjọ́ méje. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni gbogbo yín máa sáré lọ, £28 àti £154, ta ló máa rò ó lẹ́ẹ̀mejì? Ẹ ní sùúrù.

Ẹni tó ni mọ́tò ò mọ ti ìta rí o. Ká ní ẹ fi bọ́ńpà ha ara ògiri níbi tẹ́ ẹ ti ń páàkì (n'Ádó níbí, ọ̀kadà á ha yín lára mọ́tò, á ní ẹ má bínú, ẹ̀yin náà á ṣépè díẹ̀, ó tán), níbẹ̀, wọ́n lè ní £340 ni iṣẹ́ ẹ̀, kí wọ́n tún fi £45 lé e fún ìwé tí wọ́n máa kọ. £385. Tó bá jẹ́ ti káńtà lẹ rà, ẹ kàn máa fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ ni, ẹ máa lọ. Tó bá jẹ́ ti ìta, wọ́n máa yọ £385 lára káàdì yín, ẹ̀yin lẹ máa wá kó ìwé jọ láti fi gbà á padà: ìwé àdéhùn, ìwé tí wọ́n fi kọ ohun tó bàjẹ́, bíìlì, àti ẹ̀rí láti báńkì pé owó jáde lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ló máa gbà, ìwé kan ṣoṣo tó bá sì sọnù, ọ̀rọ̀ dùn-ún.

Èyí tó burú jù lọ fún àwa tá a ń tilé lọ ni pé púpọ̀ nínú ti ìta yìí, ẹni tó ń gbé Ìlú Ọba tàbí Yúróòpù nìkan ni wọ́n ń tà á fún. Síkíríìnì ò ní dá yín dúró tẹ́ ẹ bá fi àdírẹ́sì ọmọ yín sí i, wọ́n á gbowó, wọ́n á kí yín káàbọ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n sanwó ni wọ́n á bèèrè ibi tẹ́ ẹ ń gbé. Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn tó ń bá yín wá mọ́tò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n á ní kẹ́ ẹ fi àmì sí kinní kékeré kan fún ìdáàbòbò kíkún. Tẹ́ ẹ bá kà á tẹ́ ẹ rí refund nínú ẹ̀, ti ìta tó wọ aṣọ ti káńtà nìyẹn o. Ẹ máa dé káńtà, wọ́n á ní àwọn ò mọ̀ ọ́n, àwọn èèyàn á tún ra ti káńtà lé e, wọ́n á sanwó méjì.

Ohun tó wá parí ẹjọ́ bọ̀dá ni dipósíìtì. Kẹ́ ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n máa dá owó dúró lórí káàdì yín. Wọn ò tíì yọ ọ́, àmọ́ ẹ ò lè ná an. Tẹ́ ẹ bá ra ti ìta, iye tí wọ́n máa dá dúró sábà máa ń tó excess yẹn, £1,200. Tẹ́ ẹ bá ra ti káńtà, ó sábà máa ń wálẹ̀ gan-an, tiẹ̀ wálẹ̀ sí £200. Káàdì dọ̀mù bọ̀dá, £1,500 ló wà nínú ẹ̀, òun sì ni gbogbo owó tó ń gbé lọ. Tí wọ́n bá dá £1,200 dúró, £300 ló kù fún oúnjẹ, epo àti ẹ̀bùn ọmọ tó gboyè, lẹ́yìn tó bá tún dá mọ́tò padà, ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí báńkì tó tú u sílẹ̀. £126 tó fẹ́ fi ti ìta jẹ yẹn ò wá jọ èrè mọ́. Orúkọ ẹni tó máa wa mọ́tò ló gbọ́dọ̀ wà lórí káàdì náà o, ti ìyàwó ò ṣeé lò, wọ́n sì sábà máa ń kọ káàdì orí fóònù àti èyí tí wọ́n ń rọ owó sí. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀ tó ní kẹ̀rẹ́dìtì káàdì tó láàyè, ti ìta dáa fún un gan-an, n ò ní purọ́.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, ẹ bèèrè bóyá táyà, ríìmù àti gíláàsì wà nínú ẹ̀, torí wọ́n sábà máa ń yọ wọ́n sílẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, àwa tó mọ́ lára láti gba ọ̀tún máa ń fi ríìmù òsì gbo etí títì. Èmi ò tiẹ̀ gbo nǹkan kan nígbà tèmi. Alẹ́ ni mo gba mọ́tò, òjò ń rọ̀, ọmọkùnrin yẹn na ìwé sí mi, mo fọwọ́ sí i lábẹ́ agbòjò, ọjọ́ tí mo dá a padà ni wọ́n fi ìfọ́ ríìmù ẹ̀yìn lápá òsì hàn mí. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ìwé tí mo fọwọ́ sí ní kò sí nǹkan tó ṣe é.

Báyìí, láti nọ́ńbà mọ́tò ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀ fídíò, màá yí i ká, màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ríìmù kọ̀ọ̀kan, màá wo abẹ́ bọ́ńpà, màá fìka ra gíláàsì iwájú torí ìfọ́ kékeré ò hàn tó bá tutù, màá ya ibi tí epo wà àti iye máìlì. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé, màá pè wọ́n kí wọ́n kọ ọ́ sí i kí táyà tó yí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá a padà, ẹ lọ nígbà tí ọ́fíìsì ṣí. Tẹ́ ẹ bá ju kọ́kọ́rọ́ sínú àpótí lóru, ohun tó bá ṣe é kó tó di pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ lè di tiyín.

Ní ti láísẹ́ńsì, àlejò lè fi ti Nàìjíríà wa mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ níbẹ̀ fún oṣù méjìlá, àmọ́ ilé iṣẹ́ mọ́tò ní òfin tiwọn, púpọ̀ wọn fẹ́ kó ti pé ọdún kan lọ́wọ́ yín. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ dọ̀tun, ẹ mú èyí àtijọ́ dání. Orúkọ ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti pásípọ́ọ̀tù mu. Wọn ò sì ní gba ìwé pélébé tí wọ́n fi ń ní kẹ́ ẹ máa dúró de káàdì, ojúlówó káàdì ni wọ́n ń fẹ́.

Ibẹ̀ ni bọ̀dá dákẹ́. Ìwé pélébé ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti ń dúró de káàdì láti bí ọdún méjì sẹ́yìn. Mo ní kó má tíì san £364 yẹn o, kó lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣe láísẹ́ńsì n'Ádó láàárọ̀ Mọ́ńdè ná.