Ọjọ́ 8 ni mo sanwó, ọjọ́ 25 ni wọ́n kọ sínú ìwé: ohun tí ojú mi rí nídìí àtúnṣe ìnṣọ́ránsì mọ́tò

Fáàfù kan tí ó ti wọ́ wà lórí tábìlì mi bí mo ti ń kọ èyí. Ara agolo gáàsì tí ó wà nínú búùtù Kòrólà mi ni wọ́n ti tú u, lẹ́yìn tí típà tí ó kó òkúta fi ẹ̀yìn rọ́ lù mí lójú ọ̀nà Adó sí Ìkéré ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ ọdún 2025. Awakọ̀ rẹ̀ ti sá lọ kí n tó bọ́ sílẹ̀. Ìjàǹbá náà kò bí mi nínú tó ohun tí iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì mi sọ fún mi lẹ́yìn rẹ̀, pé lójú tiwọn, agolo gáàsì náà kò tíì sí nínú mọ́tò mi lọ́jọ́ náà.

Ìnṣọ́ránsì kíkún ni mo ṣe, kì í ṣe tádì pátì. Ọjọ́ 1 oṣù kìíní ni ó bẹ̀rẹ̀, ó sì máa parí ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Mílíọ̀nù mẹ́fà náírà ni a kọ pé mọ́tò náà tó, mo sì san 300,000 náírà, nítorí pé láti ọdún 2023 ni àjọ Náíkọ̀mù, tí ó ń ṣàkóso àwọn iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, ti ní kí iléeṣẹ́ kankan má gba ohun tí ó dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún fún irú rẹ̀. Ní ìparí oṣù keje, mo gbé mọ́tò lọ sí Ìbàdàn, níbi tí mo ti ń lọ rajà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n sì bá mi yí i padà kí ó lè máa lo gáàsì síẹ́ǹjì pẹ̀lú bẹntiróòlù. 900,000 náírà ni ó ná mi. Láàárín ọjọ́ kan náà ni mo tún fẹ́ kí wọ́n ṣe àtúnṣe méjì mìíràn: mo ti kó kúrò ní Adó lọ sí Ìkéré, àbúrò mi ọkùnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì yóò sì máa wa mọ́tò náà nígbà mìíràn.

N óò yin búrókà mi níhìn-ín. Òun ni ó sọ fún mi pé bí ènìyàn bá yí ohun tí ó wà nínú mọ́tò padà tí kò sọ, iléeṣẹ́ lè sọ lọ́jọ́ ìṣòro pé mọ́tò tí àwọn gbà kọ́ nìyí. Ó ní kí n fi ìwé ẹ̀rí àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà ránṣẹ́, kí n ya fọ́tò agolo náà kí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí ọrùn rẹ̀ hàn ketekete, kí n sì kọ iye tí mo ná. Àtúnṣe àdírẹ́ẹ̀sì àti ti awakọ̀ kò gba kọ́bọ̀. Ti gáàsì ni wọ́n ní kí n sanwó lé lórí.

Bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé wọn kò gba owó ọdún kan gbáko. Ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún 900,000 jẹ́ 45,000 náírà fún ọjọ́ 365. Láti ọjọ́ 8 oṣù kẹjọ títí dé ìparí ọdún, ọjọ́ 146 péré ni ó kù, nítorí náà 18,000 náírà ni mo jẹ. Mo san án ní àárọ̀ ọjọ́ 8 náà, ọjọ́ Ẹtì, rìsíìtì sì dé sórí fóònù mi kí ọ̀sán tó pọ́n. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, ibẹ̀ ni mo sì ti ṣìnà.

Ọjọ́ 27 ni ìwé àtúnṣe dé, ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn tí típà ti ṣe tirẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ ni mo ti rí i pé wọ́n kọ Ìkàrẹ́ dípò Ìkéré. Ìkàrẹ́ tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó! Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ìlà tí ó sọ ọjọ́ tí àtúnṣe náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi, nítorí pé ọjọ́ 25 ni wọ́n kọ, èyí tí í ṣe ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìwé náà jáde.

Ọmọkùnrin tí wọ́n rán wá wo mọ́tò mú ìwé kan náà dání. Ó gbà láti san 210,000 náírà fún ìdérí búùtù àti bọ́ńpà, ó sì fi bírò fa ìlà gba orí 165,000 náírà tí ó jẹ́ ti fáàfù, irin tí ó di agolo mú, àti owó àyẹ̀wò agolo náà, nítorí pé agolo tí nǹkan bá ti gbá kò gbọdọ̀ gba gáàsì mọ́ títí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. "Dádì, ọjọ́ 25 ni ti gáàsì bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ 19 ni ìjàǹbá." Mo pè é ní nọ́ńbà tí ó fún mi ní ẹ̀ẹ̀mẹfà láàárín ọjọ́ méjì, kò gbé e.

Mo mú ìbínú mi lọ sí ọ́fíìsì wọn ní Adó. Obìnrin kan ni mo bá níbẹ̀, kò ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó wá béèrè ohun kan ṣoṣo: "Ẹ jọ̀wọ́ sà, rìsíìtì yín dà?" Mo fi hàn án. Ó ka déètì rẹ̀ sókè, ó ṣí í-méèlì tí búrókà fi ránṣẹ́, ó ní kí n wò ó pé ìwé náà fúnra rẹ̀ béèrè pé kí àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 8. Ó wá là á yé mi pé bí owó kò bá tíì wọlé, òfin kò gbà kí ìdáàbòbò bẹ̀rẹ̀, bí ó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ 20 ni mo san, kò sí ẹni tí yóò lè fa ọjọ́ náà sẹ́yìn fún mi, ìbáà jẹ́ ọ̀gá pátápátá. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí owó àti ìwé ti wọlé ṣáájú ìjàǹbá, tí iye tí mo san sì jẹ́ ti ọjọ́ 146 gan-an, àṣìṣe ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ ni. Ìyẹn kò tilẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn rí: bí ó bá jẹ́ ọjọ́ 25 ni ó bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́, a jẹ́ pé wọ́n ti gba owó ọjọ́ 17 lọ́wọ́ mi lásán.

Ó tẹ ìwé mìíràn kí n tó kúrò níbẹ̀. Ọjọ́ 8 ni ó wà níbẹ̀, 6,900,000 náírà ni wọ́n kọ pé mọ́tò tó, orúkọ àbúrò mi pé, nọ́ńbà ọrùn agolo náà sì bá ti fọ́tò mu. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni 165,000 náírà wọlé. Wọn kò kọ lẹ́tà pé kí n má bínú, ọmọkùnrin tí ó fa ìlà yẹn kò sì tíì gbé fóònù mi di òní.

Máàkì méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Mo ti san owó ọdún 2026 fún wọn, mo ní kí obìnrin náà fúnra rẹ̀ tẹ ìwé mi. Ìkàrẹ́ ni ó ṣì wà nínú rẹ̀.