Ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán fún áàpù owó: èwo nínú méjì yìí ló yẹ kí ẹ sanwó fún?

Ká ní áàpù yín ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ètò kan jáde tí èèyàn fi lè ti owó pa fún 90 ọjọ́, tí ẹ sì fẹ́ ra ọ̀rọ̀ tí ẹ máa gbé sórí Instagram. Òǹkọ̀wé méjì fi tiwọn ránṣẹ́.

Ti àkọ́kọ́: «Ètò ìfowópamọ́ ìgbàlódé ti dé! Èrè gọbọi, ìfọ̀kànbalẹ̀ pátápátá. Ẹ má jẹ́ kó kọjá yín!»

Ti èkejì: «Ẹ ti ₦50,000 pa lónìí, ẹ gba ₦51,479 lẹ́yìn 90 ọjọ́. Bí ẹ bá yọ ọ́ kó tó pé, ₦50,000 yín lẹ máa gbà, kò ní sí èlé. Ẹ tẹ Save, ẹ tẹ Lock, ẹ kọ iye owó, ẹ fi PIN yín sí i.»

Èkejì ni kí ẹ rà. Ti àkọ́kọ́ dùn létí, ṣùgbọ́n kò sọ iye tó ń jẹ́ gọbọi, kò sì sọ pé wọ́n máa ti owó náà pa. Ẹni tó bá fi owó iléèwé ọmọ síbẹ̀ ò ní mọ̀ àfi ọjọ́ tó bá fẹ́ yọ ọ́.

Ibi tí àṣìṣe pọ̀ sí jù ni èlé. Ètò yìí ń san ìdá 12 nínú 100 lọ́dún. Bí òǹkọ̀wé bá kọ «èlé 12%» lásán, oníbàárà máa ṣírò ₦6,000 lórí ₦50,000, á sì máa retí rẹ̀ lóṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọdún kan gbáko ni ₦6,000 yẹn wà fún. Ẹ fi 90 sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ fi 365 pín in, ó di ₦1,479. Ìdí nìyẹn tí òǹkọ̀wé kejì fi kọ iye tó máa wọlé gan-an. Bí owó orí bá máa kúrò nínú èlé yẹn, iye tó kù lẹ́yìn rẹ̀ ni kó kọ.

«Ìfọ̀kànbalẹ̀ pátápátá» tún léwu. Ẹ ní kí òǹkọ̀wé dárúkọ báńkì tó ń tọ́jú owó náà. Láti ọdún 2024, bí báńkì ńlá bá kógbá sílé, ₦5 mílíọ̀nù ni àjọ NDIC ń san mọ fún oníbàárà kan. Ti báńkì máíkírófáínáǹsì ò kọjá ₦2 mílíọ̀nù.

Instagram máa ń gé ọ̀rọ̀ gígùn, ìlà ìbẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń hàn kí èèyàn tó tẹ «more». Iye owó àti ọjọ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀, kì í ṣe ìkíni.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí òǹkọ̀wé ṣí áàpù náà lórí fóònù rẹ̀, kó tẹ̀ lé ohun tó kọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bó bá kọ «Ti Owó Pa», tí ojú áàpù sì ń fi «Lock» hàn, oníbàárà máa wá bọ́tìnì yẹn títí ni.