Bí mo ṣe ń fi Google Sheets ṣọ́ fídíò àwọn tá a jọ ń tajà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀

Ata gígún, irú àti èlùbọ́ ni mò ń tà n'Íbàdàn, mo sì ní ṣánẹ́ẹ̀lì YouTube tí mo fi ń polówó wọn, oúnjẹ sísè ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn mẹ́ta kan wà tá a jọ ń du oníbàárà. Ohun tí mo ń fẹ́ mọ̀ nípa wọn ní gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè ò ju méjì lọ: fídíò mélòó ni wọ́n gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí sì ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Google Sheets àti Apps Script tó wà nínú ẹ̀, níbi tí mo ti ń kọ skírípítì, ìyẹn àṣẹ tí kọ̀ǹpútà á máa tẹ̀ lé fúnra ẹ̀, ni mo fi ń ṣe é, mi ò sanwó kankan, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún mi, àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó gba nọ́ńbà tó bá fún yín gbọ́.

Gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì YouTube ló ní fíìdì, ìyẹn àkójọ fídíò tuntun ẹ̀, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí láì wọlé síbì kankan, ID ṣánẹ́ẹ̀lì yẹn, tó máa ń fi UC bẹ̀rẹ̀, lẹ máa fi parí ẹ̀:

```
https://www.youtube.com/feeds/videos.xml?channel_id=UC...
```

Àkọlé, ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde, líǹkì àti ID fídíò wà nínú ẹ̀. Skírípítì á kó wọn, á tò wọ́n sínú ṣíìtì, tó bá wá di àárọ̀ Mọ́ńdè á ka iye wọn, á sì fi ìmeèlì kan ṣoṣo ránṣẹ́. ID fídíò ni kẹ́ ẹ fi dá wọn mọ̀ o, ẹ má lo àkọlé, torí tí fídíò ò bá lọ àwọn èèyàn máa ń yí àkọlé ẹ̀ padà, ẹ ó kàn rí i pé ẹ ti ka ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ibi tó ti lè tan èèyàn jẹ ni pé fídíò 15 tó jáde gbẹ̀yìn nìkan ni fíìdì yẹn máa ń gbé wá. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yẹn ń jáde sí mi ní 15, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e 15, èyí tó tún tẹ̀ lé e náà 15. Tẹ́ ẹ bá ti rí irú ẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tó wà lára èyí tó pẹ́ jù nínú wọn, tó bá jẹ́ Tọ́sìdé ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, a jẹ́ pé èyí tó jáde ní Mọ́ńdè sí Wẹ́sìdé ti já bọ́. Ojútùú ẹ̀ ni kí skírípítì máa kó o lójoojúmọ́, kó wá máa fi ìmeèlì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ìyẹn ni pé Triggers méjì, tó ń sọ ìgbà tí skírípítì máa ṣiṣẹ́, lẹ máa ṣe. Ìgbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, 15 yẹn di 23. Àmọ́ mo ṣí wọn wò, Shorts ni 21 nínú ẹ̀! Fídíò tó gùn, tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn ní bí wọ́n ṣe ń se nǹkan, méjì péré ni, torí náà iye nìkan ò yẹ kó já yín láyà.

Ti kókó ọ̀rọ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Ọ̀rọ̀ inú àkọlé ni mò ń kà: ẹ̀gúsí, àmàlà, ata, ẹran díndín. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹnì kan á kọ "Ẹ̀gúsí", ẹlòmíì á kọ "Egusi", ẹnì kẹta á fi àmì sí àárín nìkan, kọ̀ǹpútà á sì kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ìlà kan yìí, tí t dúró fún àkọlé, ló yanjú ẹ̀, ó ń bọ́ àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ kúrò kó tó kà á:

```
t.normalize('NFD').replace(/[\u0300-\u036f]/g, '').toLowerCase()
```

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó rí ohun tí ojú lásán ò lè fi hàn mí. Ṣánẹ́ẹ̀lì tí kì í gbé ju méjì jáde lọ́sẹ̀, tí mi ò tiẹ̀ kà sí tẹ́lẹ̀, ti ń sọ̀rọ̀ ẹran díndín àti bí ẹran ò ṣe ní bà jẹ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú Iléyá, àwa yòókù sì ń dúró de ọ̀sẹ̀ ọdún gan-an. Ní báyìí mo ti mọ ìgbà tó yẹ kí ata tí mo ń tà fún ẹran díndín ti wà nílẹ̀.

Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sọ pé, "Àǹtí, ẹ jẹ́ n fi nọ́ńbà míì wọ gúrúùpù Wásáàpù tí wọ́n ṣí fún àwọn kọ́sítọ́mà wọn." Mo ní rárá. Ohun tí wọ́n bá gbé síta fún gbogbo ayé nìkan là ń kà, mi ò sì kó orúkọ àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fídíò wọn, àkọlé àti ọjọ́ ti tó.

Instagram ò ní irú fíìdì yìí, torí náà ojú ni mo fi ń wo tibẹ̀ lálẹ́ Sọ́ńdè, màá sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ sínú ṣíìtì kan náà kí ìmeèlì tó lọ.