Ìfiwéra fún onílé ìtẹ̀wé ní Àkúrẹ́: ọ̀nà ìṣirò ìnáwó wo ló yẹ kí ẹ sanwó fún?

Tí ẹ bá ní ilé ìtẹ̀wé ní Àkúrẹ́, tí ẹ sì fẹ́ gba akáńtáǹtì tí yóò bá yín ṣètò ìṣirò ohun tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ná yín, ọ̀nà méjì ni yóò gbé síwájú yín. Ìnáwó àpapọ̀ ni méjèèjì ń pín, ìyẹn owó tí kò sí iṣẹ́ kan pàtó tí ẹ lè nàka sí pé òun ló jẹ ẹ́: epo jẹnẹrétọ̀, owó oṣù ẹni tó ń to ẹ̀rọ, owó oṣù ẹni tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà. Ti bébà, ínkì àti owó àwọn tó ń ká ìwé kò le, nítorí a mọ iṣẹ́ tó ni wọ́n.

Ọ̀nà àtijọ́ kò gba àkókò. Ẹ ó kó gbogbo ìnáwó àpapọ̀ oṣù jọ, ẹ ó fi iye wákàtí òṣìṣẹ́ pín in, iye tó bá jáde lẹ ó máa gbé lé wákàtí kọ̀ọ̀kan. Èkejì, tí wọ́n ń pè ní activity-based costing, tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ìṣirò owó Robin Cooper àti Robert Kaplan gbé lárugẹ láàárín 1980 sí 1990, kọ́kọ́ ń béèrè pé: kí ló fa ìnáwó yìí gan-an? Ohun tó fà á ni yóò fi pín in.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan wò ó. Ká ní ìnáwó àpapọ̀ oṣù jẹ́ ₦1,200,000. Ilé ìtẹ̀wé náà tẹ ìwé ọmọléèwé 10,000 fún oníbàárà méjì péré, ó sì tẹ ìwé ètò ìsìnkú àti ìgbéyàwó 2,000 fún oníbàárà méjìdínlógún. Wákàtí òṣìṣẹ́ jẹ́ 600: ìwé ọmọléèwé gba 450, ìwé ètò gba 150.

Nípa ti ọ̀nà àtijọ́, wákàtí kan jẹ́ ₦2,000. Ìwé ọmọléèwé yóò gbé ₦900,000, ìyẹn ₦90 lórí ẹyọ kan. Ìwé ètò yóò gbé ₦300,000, ìyẹn ₦150 lórí ẹyọ kan.

Ní ọ̀nà kejì, ẹ ó pín owó náà sí mẹ́ta. Epo jẹ́ ₦600,000, wákàtí tí ẹ̀rọ fi ṣiṣẹ́ ló fà á: 150 fún ìwé ọmọléèwé, 50 fún ìwé ètò. Títo ẹ̀rọ jẹ́ ₦360,000. Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí iṣẹ́ tuntun bá ti dé, wọ́n á tú pléètì, wọ́n á fọ ínkì kúrò, wọ́n á fi bébà dán ẹ̀rọ wò títí àwọ̀ yóò fi jókòó. Ìwé 5,000 ni tàbí ìwé 100, wàhálà kan náà ni. Nínú ìtò ogójì, mẹ́rin péré ni ti ìwé ọmọléèwé. Gbígba iṣẹ́ àti àtúnṣe ọ̀rọ̀ jẹ́ ₦240,000 fún oníbàárà ogún.

| | Ìwé ọmọléèwé | Ìwé ètò |
|---|---|---|
| Epo | ₦450,000 | ₦150,000 |
| Títo ẹ̀rọ | ₦36,000 | ₦324,000 |
| Gbígba iṣẹ́ | ₦24,000 | ₦216,000 |
| Àpapọ̀ | ₦510,000 | ₦690,000 |
| Lórí ẹyọ kan | ₦51 | ₦345 |

Ká wá sọ pé bébà, ínkì àti owó òṣìṣẹ́ lórí ìwé ètò kan jẹ́ ₦500, tí ẹ sì ń tà á ní ₦800. Ọ̀nà àtijọ́ ní ẹ ń jèrè ₦150. Èkejì ní ẹ ń pàdánù ₦45. Ká ní ti ìwé ọmọléèwé jẹ́ ₦300, tí ẹ ń tà á ní ₦400: èrè ₦10 tó ń múni rẹ̀wẹ̀sì di ₦49. Èrè gbogbo oṣù kò yí padà, ₦400,000 náà ni. Ohun tó yí padà ni pé ẹ ti mọ èyí tó ń bọ́ ilé.

Ẹ máa rí àmì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kí ìṣirò tó dé: àwọn oníṣẹ́ ńlá á ní owó yín wọ́n, wọ́n á gbà ibòmíràn lọ, àwọn oníṣẹ́ kékeré á máa rọ́ wá, nítorí pé iye tí ẹ ń pè fún wọn kò tó ohun tí wọ́n ń ná yín.

Àmọ́ ẹ má ṣe lé àwọn oníwèé ètò. Bí ẹ bá lé wọn, ẹ ò ní ná owó epo wọn mọ́, ṣùgbọ́n owó oṣù ẹni tó ń to ẹ̀rọ á ṣì máa lọ. Ohun tó bójú mu ni pé kí ẹ yọ owó títo ẹ̀rọ sọ́tọ̀. Ìtò kan jẹ́ ₦9,000, gbígba iṣẹ́ kan sì jẹ́ ₦12,000. Oníbàárà tó fẹ́ ìwé ètò 100 tó gba ìtò méjì ti ná yín ní ₦30,000 kí epo tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Owó ilé ńkọ́? Kò sí iṣẹ́ tó fà á. Akáńtáǹtì tó bá fi tipátipá pín in mọ́ ìtò ẹ̀rọ ń ba ìṣirò jẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́tọ̀, kí èrè gbogbo iṣẹ́ jọ gbé e.

Tó bá jẹ́ irú iṣẹ́ kan ṣoṣo lẹ ń ṣe, tí iye tí wọ́n ń béèrè kò sì yàtọ̀ púpọ̀, ẹ ra ti àtijọ́, ó tó yín. Tí iṣẹ́ ńlá àti kékeré bá dà pọ̀, èkejì ni mo máa ní kí ẹ ra, ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó ń fa ìnáwó sì tó. Akáńtáǹtì tó bá gbé irú rẹ̀ ogún wá ń ta iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tí yóò máa kọ sílẹ̀ fún yín. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ra ìwé kan, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, kí ẹni tó ń tò ó máa kọ orúkọ iṣẹ́, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó parí fún oṣù kan. Láìsí ìwé yẹn, àbá lásán ni akáńtáǹtì yóò máa fi pín owó yín.