Photoshop, GIMP, tàbí olóòtú fótò: ta ni kí n sanwó fún nítorí fèrèsé tó funfun báláú?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya pálọ̀ àti yàrá fún àwọn onílé tó ń wá ayálégbé mọ ìyọnu fèrèsé. Bí kámẹ́rà bá ti gba ìmọ́lẹ̀ tó tó inú ilé, ìta á di funfun báláú, bí ẹni fi bébà lẹ gíláàsì. Mo ti lo Photoshop rí, mo ti sanwó fún olóòtú rí, GIMP ni mo wá ń lò báyìí.

Ní ti owó, Photoshop ń fẹ́ owó àsansílẹ̀, GIMP kì í gba kọ́bọ̀, olóòtú sì ń gba tirẹ̀ lórí fótò kọ̀ọ̀kan. Ní ti ìyára, Photoshop ló ṣíwájú.

Ibi tí owó mi ti lọ ni etí irin. Fèrèsé wa ní irin tí a fi ń dènà olè, ìmọ́lẹ̀ ìta a sì máa jẹ etí irin náà títí yóò fi di àwọ̀ eérú. Olóòtú tí mo gbé iṣẹ́ fún gé gbogbo apá funfun kúrò, ó sì ki àwòrán ìta bọ̀ ọ́. Nígbà tí mo fẹ̀ ẹ́ dé 200%, ìlà funfun tín-ín-rín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo irin. Onílé rí i, ó ní iṣẹ́ ayédèrú ni, mo sì tún sanwó fún àtúnṣe.

Sky Replacement tí Photoshop gbé jáde ní 2020 kò gbà mí lọ́wọ́ èyí. Ojú ọ̀run ló ń wá láti pààrọ̀. Fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Ìbàdàn, òrùlé àti igi ló yẹ kó kún ìdajì rẹ̀ nísàlẹ̀, kì í ṣe kùrukùru láti òkè délẹ̀.

Ohun tó tán ìṣòro náà ni Multiply, èyí tó wà nínú GIMP, tó sì wà nínú Photoshop náà. Bí o bá gbé àwòrán ìta lé fótò inú ilé, tí o sì yí Mode rẹ̀ sí Multiply, ibi tó funfun pátápátá á gba ìta bó ṣe rí, ibi tó dúdú á dúró ní dúdú, eérú etí irin á sì gba díẹ̀ nínú àwọ̀ ìta. Kò sí gígé, nítorí náà kò sí ìlà funfun.

Ẹ jẹ́ ká mú pálọ̀ kan ní Bódìjà. Inú ilé ni mo yà ní 1/15 ìṣẹ́jú àáyá. Lẹ́yìn náà mo gbé kámẹ́rà sún mọ́ fèrèsé, mo fi ojú rẹ̀ sí àárín irin méjì kí irin má bàa wọ àwòrán ìta, mo sì yà á ní 1/125. Mítà kámẹ́rà ní kí n lo 1/250, ṣùgbọ́n ìta gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ ju inú ilé lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ojú á sọ pé irọ́ ni. N kò yí súúmù padà, n kò sì yí gíga kámẹ́rà tàbí ibi tó dojú kọ padà: ohun tó jìnnà á bá ara rẹ̀ mu ní títóbi, ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ọ̀run á sì bọ́ sí ibi tó yẹ. Nǹkan tó wà nítòsí gan-an, bíi ọgbà ilé, kò ní bára mu, torí náà mo yẹra fún un. Nínú GIMP, mo lo File > Open as Layers, mo yí i sí Multiply, mo fi Layer Mask dúdú bò ó kí ìta kọ́kọ́ pamọ́, mo sì fi búrọ́ọ̀ṣì funfun kun àyè fèrèsé kí ó lè hàn níbẹ̀, láìṣọ́ etí irin rárá.

Ibi tí Multiply ti ń kùnà ni férémù tí a kùn ní funfun àti kọ́tìnì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìta á hàn lórí wọn bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀. Férémù, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì dúdú dá a padà lórí Layer Mask. Kọ́tìnì, mo ń fi àwọ̀ eérú kùn ún lórí Layer Mask náà kí ìta lè hàn fírífírí. Níbí ni Photoshop ti dára jù: yíyan férémù yá níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé ọwọ́ ni mo fi ń ya Paths yí i ká nínú GIMP.

Bí o bá ń ṣe ọ̀pọ̀ ilé lóòjọ́, tí férémù wọn sì jẹ́ funfun, owó Photoshop lè padà wọlé. Irin dúdú àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni fèrèsé púpọ̀ jù tí mo ń bá pàdé, n kò sì rí ohun tí owó yẹn ń fi kún un. Bí owó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ra ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó lágbára fún kámẹ́rà, èyí tí a lè ka gíga rẹ̀ lára ẹsẹ̀ rẹ̀.